Ilé tẹ̀ sẹ́yìn, fèrèsé kan pòórá: kí ni kí n kọ sí oníṣẹ́ tíríìdì?

ỌmọÌjemọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi ìbínú ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ọbáńtòkò, èmi ni mo ń bá wọn bójú tó o. Orí àpáta ni ilẹ̀ náà wà. Láti títì, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún lèèyàn máa gùn kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bá wa ya àwòrán tíríìdì rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí ilé náà kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ló fi àwòrán kẹta ránṣẹ́. Mo ṣí i, àyà mi já. Bí ògiri ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń sún mọ́ra wọn, ilé náà wá dà bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Igun tó sún mọ́ wa, níbi ìgbọ́kọ̀sí, tóbi rẹpẹtẹ, ẹ̀yìn ilé sì kéré bí ilé adìẹ. Fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó yẹ kó wà lára ògiri ọ̀tún, níbi àtẹ̀gùn inú ilé, kò sí níbẹ̀. Ògiri lásán ni mo rí. Ó sì wà nínú àwòrán kejì.

Ohun tí mo ti kọ rèé, mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́:

> Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí àwòrán yín, kò dára rárá. Ilé yẹn fẹ́ wó. Ẹ sì ti yọ fèrèsé wa. Ẹ tún un ṣe kíákíá, ẹ̀gbọ́n mi ń bínú.

Ṣé ó le jù? Àbí kò le tó?

AyafótòKútọ̀

Àǹtí mi, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn. Èmi tí mo ń ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń tún irú rẹ̀ ṣe. Kó gbé e sínú Photoshop, kó fa igun òkè méjèèjì síta títí ògiri á fi nàró. Ní ti fèrèsé, kó gé ọ̀kan lára tìsàlẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

ÌyáOníbúlọ́ọ̀kù

Fèrèsé níbi àtẹ̀gùn kẹ̀? Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀ o. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà wọlé àna mi ní Àdìgbẹ. Tí ẹ bá máa fi í síbẹ̀ dandan, ẹ rí i pé wọ́n fi irin dí i dáadáa. Mo mọ wẹ́dà kan ní Lafẹ́nwá tó mọ iṣẹ́.

ỌmọÌjemọ̀

Mà, ẹ ṣeun. Fèrèsé náà ti wà nínú puláànù tẹ́lẹ̀, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ara wa jiyàn bóyá kó wà. Inú àwòrán ni mo ń wá a.

TíríìdìÌbarà

Iṣẹ́ yìí ni mo ń jẹ. Ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ o. Kì í ṣe pé ó le ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kà á kò ní mọ ohun tó máa ṣe ni. "Ilé fẹ́ wó" lè jẹ́ òrùlé, ó lè jẹ́ òjìji, ó lè jẹ́ ohun méje.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ dúró nísàlẹ̀ Olúmọ, kí ẹ gbójú sókè. Àpáta náà á dà bí ẹni ń sá sẹ́yìn fún yín. Ohun tí kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó dúró sí títì, ilé wà lókè, ló bá gbójú sókè kí òrùlé lè wọ inú àwòrán. Bí kámẹ́rà bá ti gbójú sókè, gbogbo ohun tó nàró á máa sún mọ́ra lókè. Kọ̀ǹpútà ò ṣe àṣìṣe. Ibi tó dúró sí àti bó ṣe gbójú sókè ni ká yí padà.

Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Láti etí títì dé igun ilé, mítà mélòó ni? Ṣé ó sọ lẹ́ńsì tó lò fún yín? Nínú ìwé wo gan-an ni ẹ ti rí fèrèsé yẹn?

ỌmọÌjemọ̀

Puláànù ilẹ̀ ní mítà 9 sí igun ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́ńsì, ó kọ "18 mm" sísàlẹ̀ àwòrán. Ní ti fèrèsé, mò ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni ìwé wà.

TíríìdìÌbarà

Ó tán. Àtẹ̀gùn 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, mítà 2.4 nìyẹn láti títì dé ilẹ̀ ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú òrùlé, ká pè é ní 7.6. Ṣóńṣó òrùlé fi mítà 10 ga ju títì lọ. Ojú èèyàn tó dúró sí títì wà ní nǹkan bí 1.6. Ó wá ní láti wo ohun tó fi mítà 8.4 ga ju ojú rẹ̀ lọ, láti mítà 9 péré. Ọrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán! Ìyẹn ló jẹ́ kó mú lẹ́ńsì 18, nítorí ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìkan ló lè gba ilé náà láti ibẹ̀.

AyafótòKútọ̀

Ó kàn máa yí lẹ́ńsì sí 35 nìyẹn. Lẹ́ńsì fífẹ̀ ló ń ba igun jẹ́, gbogbo ayafótò ló mọ̀ ọ́n.

TíríìdìÌbarà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́ńsì. Tó bá dúró sí mítà 9 kan náà tó fi 35 sí i, àárín àwòrán yẹn kan náà lẹ máa rí, tí wọ́n gé etí rẹ̀ kúrò. Igun ìgbọ́kọ̀sí á ṣì tóbi bó ṣe tóbi sí ẹ̀yìn ilé. Bí èèyàn ṣe jìnnà sí ilé ló ń pinnu ìyẹn. Lẹ́ńsì kàn ń sọ ibi tí a máa gé àwòrán dé ni.

Ẹ wò ó báyìí. Ilé yẹn lè gùn tó mítà 9 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láti mítà 9, igun iwájú wà ní 9, igun ẹ̀yìn wà ní 18. Ohun tó jìnnà ní ìlọ́po méjì á hàn ní ìdajì. "Ilé adìẹ" tí Àǹtí rí nìyẹn. Tí kámẹ́rà bá sún sẹ́yìn dé mítà 20, igun iwájú á wà ní 20, ti ẹ̀yìn ní 29, igun ẹ̀yìn á wá hàn ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ojú á gbà á. Lẹ́yìn tó bá sún sẹ́yìn ló tó lè mú lẹ́ńsì tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ilé lè kún inú àwòrán.

ỌmọÌjemọ̀

Mítà 20 sẹ́yìn? Inú pálọ̀ Alhaji tó wà ní òdìkejì títì nìyẹn o!

TíríìdìÌbarà

😂 Nínú kọ̀ǹpútà, Alhaji ò ní bínú. Tó bá ya ilé Alhaji rárá, ó máa bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ti ògiri tó ń tẹ̀ ṣì kù o. Bó bá sún sẹ́yìn tó ṣì gbójú sókè, ògiri á ṣì tẹ̀, ó kàn máa dín kù ni. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wo iwájú gbọọrọ, láìgbójú sókè. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń há nìyí: kámẹ́rà tó wo iwájú gbọọrọ á fi ìdajì àwòrán hàn yín bíi kọ́tà àti títì, òrùlé á sì fẹ́ gé. Ọ̀nà àbáyọ ni kó sún àwòrán náà sókè láìyí ojú kámẹ́rà. Nínú SketchUp, `Two-Point Perspective` ni wọ́n pè é, abẹ́ `Camera` ló wà. Nínú Blender, `Shift Y` ni. Ó ti mọ̀ ọ́n, ó ṣeé ṣe kó kánjú ni.

Ẹ má kọ orúkọ bọ́tìnì kankan sínú lẹ́tà yín o. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rí, kí ó fi ọ̀nà tirẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ò ní fẹ́ kí oníbàárà kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di gèlè.

AyafótòKútọ̀

Mo gbà ti ìjìnnà. Ṣùgbọ́n ti ògiri tó tẹ̀, mi ò tíì gbà pé Photoshop ò lè ṣe é. Mo ti nà á ró ju igba ìgbà lọ.

TíríìdìÌbarà

Ó lè nà á ró, òótọ́ lẹ sọ. Bí ẹ bá fa òkè síta, ẹ ní láti mọ iye tí ẹ máa fà á sókè pẹ̀lú, ojú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá a. Fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló máa wọ̀n ọ́n? Ilé tí a fẹ́ kọ́, ẹni tó ń sanwó máa wò ó pé fèrèsé òkè fẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ. Ìlẹ̀kùn ni mo fi ń dá a mọ̀. Ìlẹ̀kùn tó ga ní mítà 2.1 tó fẹ̀ ní 0.9 kò gbọdọ̀ dà bí ìlẹ̀kùn gáréèjì. Fún ìtẹ̀ díẹ̀, ẹ fi Photoshop ṣe é. Fún èyí tí kámẹ́rà fi wo òkè tó báyìí, rárá. Ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ilé á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Adúpẹ́Àṣerò

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí lílẹ fèrèsé mọ́ àwòrán. Ọdún tó kọjá, bíríkìlà mi fi àwòrán tíríìdì tó wà lórí fóònù rẹ̀ ṣiṣẹ́, puláànù wà nílé ní tèmi. Oníṣẹ́ tíríìdì ti gbàgbé fèrèsé ilé ìwẹ̀. Bíríkìlà mọ ògiri náà pa. Ìgbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé, líńtẹ̀lì ti gbẹ. Wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù mọ́kànlá. Nígbà tí mo pariwo, ó na fóònù sí mi: "Mà, wíńdò dà níbí?" Mi ò rí nǹkan sọ.

ỌmọÌjemọ̀

Yéè! Bíríkìlà tiwa náà ti ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́ sí òun.

Mo ti rí ìwé. Nínú puláànù òkè, ó wà níbẹ̀, wọ́n kọ W5 sí i, mìlímítà 600 × 1800. Mo wá wo àwòrán ojú ilé lápá ọ̀tún tí akitẹ́ẹ̀tì yà, kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀! Mo tún padà lọ wo àwòrán kejì tí mo sọ pé ó wà níbẹ̀, apá òsì ilé ni wọ́n ti yà á. Ògiri ọ̀tún ò tiẹ̀ hàn. Mo ti ń pariwo lórí ohun tí ojú mi ò rí rí.

TíríìdìÌbarà

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ìbéèrè kẹta mi nìyẹn. Ẹni tó ń ya tíríìdì máa ń fi puláànù gbé ògiri dìde, á wá fi àwòrán ojú ilé ṣí ojú fèrèsé. Tí ìwé méjèèjì ò bá bára mu, fèrèsé á bọ́ sáàárín. Ọwọ́ akitẹ́ẹ̀tì ló ti jábọ́, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ yìí. "Ẹ ti yọ fèrèsé wa" kò gbọdọ̀ sí nínú lẹ́tà mọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó parí ẹ̀: ó lè jẹ́ pé ó ya fèrèsé náà, igi ló bò ó, tàbí pé ó pa á mọ́ kó má fa kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, ó wá gbàgbé láti ṣí i. Ṣé ó ti ya inú pálọ̀ fún yín rí, níbi tí àtẹ̀gùn ti hàn?

ỌmọÌjemọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àtẹ̀gùn hàn dáadáa. Ògiri ibẹ̀ dúdú díẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ òòrùn kankan lórí ilẹ̀.

TíríìdìÌbarà

Kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ rárá nìyẹn. Igi tó wà níta ò lè sọ ihò inú ògiri di ògiri.

Akọ̀wéOníkólóbó

Èmi ló ń kọ irú lẹ́tà yìí ní ọ́fíìsì wa. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo ti ṣe èyí tó burú rí, mo kọ́kọ́ ní kí oníṣẹ́ tíríìdì wa fi fèrèsé sí i, ó fi sí i, ó fi igi àti èèyàn sí i lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà yà á tán. Ọjọ́ kejì mo wá sọ ti ògiri tó tẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe kúrò níbi tó wà, gbogbo rẹ̀ di àtúnyà, igi, èèyàn, ojú ọ̀run, àtòun àti fèrèsé tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó bínú, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ má fi ohùn ṣe é o. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin ní agogo mọ́kànlá alẹ́, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìkan ló máa rántí. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi àwòrán tí ẹ ti fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ránṣẹ́ ní Wásáàpù, ẹ mú `Document`, kì í ṣe ibi fọ́tò. Ibi fọ́tò á fún un pọ̀, nọ́ńbà W5 ò ní ṣeé kà.

ỌmọÌjemọ̀

Mo ti tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àwòrán `ile_iwaju_03.jpg` tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ti dé. Àwọ̀ òrùlé àti ògiri tẹ́ wa lọ́rùn, ẹ má yí wọn padà. Ohun méjì la fẹ́ kí ẹ bá wa tún ṣe, mo ti sàmì 1 àti 2 sí wọn lára àwòrán tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.
>
> 1. Ògiri ń sún mọ́ra lókè, igun ìgbọ́kọ̀sí sì tóbi ju ẹ̀yìn ilé lọ púpọ̀. A fẹ́ kí gbogbo ìlà tó nàró nàró ṣánṣán, kí ẹ sì wo ilé láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, nǹkan bí mítà 20, láti apá ọ̀tún yìí kan náà. Ẹ lè bo ilé tó wà ní òdìkejì títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Photoshop nà án.
>
> 2. Fèrèsé W5 (600 × 1800) wà nínú puláànù òkè, kò sí nínú àwòrán ojú ilé lápá ọ̀tún. Ìwé ló tako ara wọn, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Puláànù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fi í sínú ilé gan-an, kí ó lè hàn nínú àwòrán pálọ̀ náà.
>
> Kí ẹ tó fi àwọ̀ àti igi sí i, ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán funfun kékeré kan ránṣẹ́ kí a fọwọ́ sí i. Ẹ ṣeun púpọ̀.

TíríìdìÌbarà

Èyí ni lẹ́tà. Àwòrán funfun yẹn ló máa gbà yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, nígbà tí ti ìkẹyìn lè gba gbogbo òru, tí jẹnẹrétọ̀ ò bá tiẹ̀ kú láàárín. Ẹ gbé rúlà lé e: ẹ fi sétí ògiri òsì, ẹ fi sétí ti ọ̀tún. Tí àyè tó wà láàárín ògiri àti etí àwòrán bá dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, ó ti nàró.

ÌyáOníbúlọ́ọ̀kù

Ẹ dákun, èèyàn tó wà ní títì ò ní rí ilé yẹn láti mítà 20 láéláé, Alhaji wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ò máa tan ẹni tó wà ní Kánádà jẹ báyìí?

TíríìdìÌbarà

Mà, ìbéèrè gidi nìyẹn. Èmi máa ń fi méjì sílẹ̀: ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn tí ilé fi hàn bó ṣe rí, ọ̀kan láti títì bí àlejò ṣe máa rí i. Àwọn kan nínú wa ò gbà, wọ́n ní ti títì nìkan ni òótọ́.

AyafótòKútọ̀

Owó ńkọ́? Ṣé àtúnṣe yìí wà lára èyí tí wọ́n ti san?

Akọ̀wéOníkólóbó

Ti kámẹ́rà, mo rò pé ó wà níbẹ̀. Ti W5, tó bá béèrè owó kékeré, mi ò ní bá a jà, ìwé akitẹ́ẹ̀tì ló ní àṣìṣe. Ẹlòmíràn á ní akitẹ́ẹ̀tì ni kó san án. Mi ò tíì rí akitẹ́ẹ̀tì tó san án.

TíríìdìÌbarà

Èmi ò gbà pé kó gba owó lórí W5. Ó ní puláànù lọ́wọ́, ó yẹ kó bi yín léèrè nígbà tó rí i pé ìwé méjèèjì ò bára mu.

ỌmọÌjemọ̀

Ó ti fèsì! Ó ní òun gbọ́, òun máa fi àwòrán funfun ránṣẹ́ lọ́la, kò mẹ́nu ba owó. Ṣùgbọ́n ó béèrè ohun tí mi ò mọ̀: "Ìsàlẹ̀ W5 fi mélòó ga ju ilẹ̀ lọ?" Puláànù ò kọ ọ́.

TíríìdìÌbarà

Ẹ má sọ 900 bíi ti àwọn fèrèsé yòókù láìronú o. Láti ilẹ̀ wo? Ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́rí ni fèrèsé yẹn wà. Ẹ ka ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn inú ilé nínú puláànù.

ỌmọÌjemọ̀

18. Ó ṣẹ́rí lẹ́yìn 9. Wọ́n kọ 175 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

TíríìdìÌbarà

Ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ 3150 nìyẹn, ibi tó ti ṣẹ́rí wà ní 1575. Tí ẹ bá fi 900 lé e, ìsàlẹ̀ W5 á wà ní 2475, orí rẹ̀ á wà ní 4275. Ìyẹn ni pé ó gba iwájú dẹ́kíìnì kọjá, ó wà láàárín fèrèsé òkè àti ti ìsàlẹ̀, kò sì ní bá èyíkéyìí dọ́gba. Kò burú lójú, ọ̀pọ̀ ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bíìmù bá gba ara ògiri yẹn kọjá ní 3150, W5 ò lè ga tó 1800 níbẹ̀. Bóyá ìdí tí kò fi sí nínú àwòrán ojú ilé nìyẹn, ẹnì kan ti lè yọ ọ́ tó sì gbàgbé puláànù. Ẹ bi akitẹ́ẹ̀tì kí ọmọ yẹn tó bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌjemọ̀

Mo pe akitẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń dún, kò gbé e. Mo ti ní kí oníṣẹ́ tíríìdì bẹ̀rẹ̀ lórí kámẹ́rà, kó fi W5 sílẹ̀ ná.